Ṣé Èdè Ni, àbí Ìwé Tuntun? Bí A Ṣe Ń Kọ Àbá Ìwádìí Lórí Fífi Èdè Abínibí Kọ́ Ọmọ Ní Ìwé Kíkà

Ní oṣù kọkànlá ọdún 2022, ìjọba àpapọ̀ ilẹ̀ Nàìjíríà fọwọ́ sí i pé èdè abínibí ni kí wọ́n máa fi kọ́ ọmọ láti prímárì kìíní títí dé ìkẹfà. Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn náà, ní oṣù kọkànlá ọdún 2025, Mínísítà fún Ètò Ẹ̀kọ́, Dókítà Túnjí Àlàúsá, kéde pé wọ́n ti wọ́gi lé ìlànà náà, pé Gẹ̀ẹ́sì ni kí àwọn tíṣà padà sí. Ìdí tó sọ ni pé níbi tí wọ́n ti ń lo èdè abínibí jù, ibẹ̀ ni àwọn ọmọ ti ń fìdí rẹmi jù nínú ìdánwò WAEC, NECO àti JAMB.

Bí ìkéde náà ṣe jáde ni ariwo bẹ̀rẹ̀. Àwọn kan ní ìjọba ti ta èdè wa, àwọn mìíràn ní ó tó bẹ́ẹ̀, ẹ jẹ́ kí ọmọ wa gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká yẹ ẹ̀rí tí wọ́n gbé kalẹ̀ wò fún ra rẹ̀. Ẹni tó jókòó ṣe ìdánwò WAEC ti kúrò ní prímárì kìíní láti bí ọdún méjìlá. Láàárín ọdún wọ̀nyẹn, ó ti kọjá lọ́wọ́ tíṣà rere àti tíṣà burúkú, ó lè ti sálọ fún ogun, ilé wọn lè má rí owó ìwé san. Agbègbè tí wọ́n ti ń lo èdè abínibí jù sì lè jẹ́ agbègbè tí tíṣà kò tó, tí ilé-ẹ̀kọ́ ò sì ní òrùlé. Bí ọmọ ibẹ̀ bá fìdí rẹmi, kí ni a ó dá lẹ́bi nínú gbogbo nǹkan wọ̀nyí? Bákan náà ni ọ̀rọ̀ rí fún àwọn tó ń yin èdè abínibí nítorí pé ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ kan tí wọ́n mọ̀ ń ka Yorùbá geere. Ilé-ẹ̀kọ́ kan kì í ṣe ẹ̀rí.

Bí a bá fẹ́ mọ òótọ́, àfi ká ṣe ìwádìí, kí ìwádìí tó bẹ̀rẹ̀ sì ni a ti ń kọ àbá rẹ̀. Àbá ìwádìí ni ìwé tí aṣèwádìí máa ń kọ fún yunifásítì, fún àjọ tó ń fúnni lówó, àti fún ìjọba ìpínlẹ̀, láti sọ ìbéèrè tó fẹ́ dáhùn, àwọn ọmọ tó fẹ́ bá ṣiṣẹ́, ohun tó fẹ́ wọ̀n àti ọ̀nà tó máa gbà wọ̀n ọ́n. Níbẹ̀ ni ìwádìí ti máa ń yè tàbí kú. Àṣìṣe tó bá wà nínú àbá kò ṣeé tún ṣe mọ́ bí ọdún mẹ́ta bá ti kọjá. Ẹ jẹ́ ká jọ kọ ọ̀kan, ká fi Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun ṣe àpẹẹrẹ, nítorí ibẹ̀ ni ìwádìí tó lókìkí jù lórí ọ̀rọ̀ yìí ti wáyé.

Ohun tí Ifẹ̀ ṣe, àti ohun tí kò ṣe

Ní oṣù kìíní ọdún 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Alíù Bàbátúndé Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Ilé-Ẹ̀kọ́ Sẹ́ńtì Sítífìn "A" ní Mọdákẹ́kẹ́. Àjọ Fọ́ọ̀dù ti ilẹ̀ Amẹ́ríkà ló fi owó ràn wọ́n lọ́wọ́. Wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ kan ní gbogbo iṣẹ́ fún ọdún mẹ́fà gbáko, wọ́n sì fi Gẹ̀ẹ́sì ṣe iṣẹ́ kan láàárín àwọn iṣẹ́ yòókù, lọ́wọ́ tíṣà tó mọ Gẹ̀ẹ́sì kọ́ dáadáa. Àwọn ọmọ tí wọ́n ń fi wé wọn ń lo Yorùbá fún ọdún mẹ́ta àkọ́kọ́, wọ́n sì bọ́ sórí Gẹ̀ẹ́sì láti ìkẹrin. Ní ọdún 1973, wọ́n fa iṣẹ́ náà dé ilé-ẹ̀kọ́ mẹ́wàá mìíràn. Nígbà tí wọ́n ṣe ìdánwò, àwọn tó fi Yorùbá kẹ́kọ̀ọ́ dé òpin ṣe dáadáa ju àwọn yòókù lọ nínú ọ̀pọ̀ iṣẹ́, wọn ò sì rẹ̀yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì.

Iṣẹ́ ńlá ni. Ṣùgbọ́n ẹ tún ohun tí mo sọ yìí kà. Láti prímárì kìíní dé ìkẹta, Yorùbá ni ẹgbẹ́ méjèèjì ń lò. Ìbéèrè tí Ifẹ̀ dáhùn ni bóyá ó yẹ ká dúró lórí Yorùbá tàbí ká yà sórí Gẹ̀ẹ́sì ní ìkẹrin. Ọdún mẹ́ta àkọ́kọ́, níbi tí ọmọ ti ń kọ́ lẹ́tà, tó ń so lẹ́tà pọ̀, tó sì ń ka gbólóhùn àkọ́kọ́ rẹ̀, kò sí nínú ìfiwéra yẹn rárá. Ẹni tó bá gbé Ifẹ̀ lé orí tábìlì láti fi hàn pé Yorùbá ń jẹ́ kí ọmọ tètè mọ̀wé kà, ó ń fi èsì ìbéèrè kan dáhùn òmíràn ni.

Nǹkan kejì ni tíṣà Gẹ̀ẹ́sì tí mo mẹ́nu bà. Bí àwọn ọmọ Yorùbá kò bá rẹ̀yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì, ṣé nítorí pé Yorùbá ti la ọ̀nà fún wọn ni, àbí nítorí pé ẹni tó mọ iṣẹ́ náà ní àmọ̀dunjú ló kọ́ wọn? Àgbẹ̀ tó gbin irúgbìn tuntun, tó tún da ajílẹ̀ sí oko kan náà lọ́dún kan náà, kò lè fi ọwọ́ sọ̀yà pé irúgbìn ló mú kí àgbàdo yọ ọmọ. Ìṣòro tó ń dojú kọ gbogbo ìwádìí lórí èdè abínibí nìyẹn. Èdè kì í dá wọ kíláàsì. Ìwé tuntun a máa bá a wọlé, ìdánilẹ́kọ̀ọ́ fún tíṣà a máa bá a wọlé, àwọn àlejò láti yunifásítì náà a sì máa wá wo ohun tí ń ṣẹlẹ̀. Gbogbo wọn ló lè mú kí ọmọ mọ̀wé.

Nítorí náà, iṣẹ́ tí àbá wa gbọ́dọ̀ ṣe kò ju ẹyọ kan lọ: kó ya èdè sọ́tọ̀ kúrò lára àwọn nǹkan tó ń bá a rìn.

Ìbéèrè tó ṣeé dáhùn

Àkọlé tí ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì máa ń gbé wá ni "Ipa Èdè Abínibí Lórí Ẹ̀kọ́ Ọmọdé." Ó fẹ̀ jù. Ọmọdé wo? Ẹ̀kọ́ wo? Ipa náà láti ìgbà wo dé ìgbà wo? Ẹ jẹ́ ká kọ tiwa báyìí: bí a bá fún tíṣà ní irú ìwé kan náà àti irú ìdánilẹ́kọ̀ọ́ kan náà, ǹjẹ́ àwọn ọmọ tí a fi Yorùbá kọ́ láti prímárì kìíní máa ka Yorùbá àti Gẹ̀ẹ́sì, kí wọ́n sì lóye ohun tí wọ́n kà, ju àwọn tí a fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́ lọ, nígbà tí wọ́n bá parí ìkẹta?

Gbogbo ọ̀rọ̀ inú ìbéèrè yìí ló ní iṣẹ́. "Irú ìwé kan náà" ló ń ya èdè sọ́tọ̀. "Yorùbá àti Gẹ̀ẹ́sì" ń jẹ́ ká wo ohun tó ń ba òbí lẹ́rù, nítorí kò sí ẹni tó ń bẹ̀rù pé ọmọ rẹ̀ kò ní mọ Yorùbá kà. "Kí wọ́n sì lóye" ń yọ wá nínú ọ̀fìn ọmọ tó ń ka ìwé bí ẹyẹ odídẹrẹ́ láìmọ ohun tó ń sọ.

Ẹgbẹ́ mẹ́ta, kì í ṣe méjì

Ọ̀pọ̀ àbá máa ń ní ẹgbẹ́ méjì: àwọn tí a fi èdè abínibí kọ́ pẹ̀lú ìwé tuntun, àti àwọn tí a fi sílẹ̀ bí wọ́n ṣe wà. A ti rí ohun tó ṣe ìyẹn. Ẹgbẹ́ mẹ́ta ló máa wà nínú tiwa. Ẹgbẹ́ kìíní ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ bó ṣe ń ṣe é tẹ́lẹ̀. Ẹgbẹ́ kejì gba ìwé tuntun àti ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tíṣà, ní Gẹ̀ẹ́sì. Ẹgbẹ́ kẹta gba irú ìwé bẹ́ẹ̀ àti irú ìdánilẹ́kọ̀ọ́ bẹ́ẹ̀, ní Yorùbá, pẹ̀lú Gẹ̀ẹ́sì gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ kan. Bí a bá fi ẹgbẹ́ kejì wé ìkíní, a ó mọ ohun tí ìwé àti ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ṣe. Bí a bá fi ìkẹta wé ìkejì, a ó mọ ohun tí èdè ṣe. Ìfiwéra kejì yìí ni ọkàn ìwádìí wa.

Wọ́n ti ṣe irú èyí rí ní orílẹ̀-èdè Kẹ́ńyà, nínú ètò kan tí wọ́n ń pè ní PRIMR. Ní àwọn agbègbè Búńgómà àti Màṣákọ̀, àwọn ilé-ẹ̀kọ́ kan gba ìwé àti ìrànlọ́wọ́ tíṣà ní Gẹ̀ẹ́sì àti Kìswàhílì, àwọn mìíràn gba irú rẹ̀ pẹ̀lú èdè Lùbùkúsù tàbí Kìkáńbà tí ọmọ ń sọ nílé, àwọn tó kù kò gba nǹkan kan. Èsì rẹ̀ kò tẹ́ ẹgbẹ́ kankan lọ́rùn pátápátá. Àwọn ọmọ tó lo èdè abínibí ka èdè náà dáadáa ju àwọn yòókù lọ. Ṣùgbọ́n nínú Gẹ̀ẹ́sì àti Kìswàhílì, wọn ò ju àwọn tó gba ìwé tuntun láìsí èdè abínibí lọ, ìṣirò wọn sì rẹlẹ̀ díẹ̀. Ká ní ẹgbẹ́ méjì péré ni wọ́n lò, wọ́n á fi àwọn ọmọ èdè abínibí wé àwọn tí kò gba nǹkan kan, wọ́n á sì gbé gbogbo àǹfààní ìwé tuntun lé èdè lórí.

Ta ni yóò wọ ẹgbẹ́ wo?

Bí a bá ní kí ilé-ẹ̀kọ́ tó bá fẹ́ Yorùbá jáde wá, àwọn tí ọ̀gá wọn jí pépé ló máa yọjú, a ó sì rò pé èdè ló ṣe ohun tí ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ ṣe. Kèké ni ká ṣẹ́. Ṣùgbọ́n ilé-ẹ̀kọ́ ni a ó ṣẹ́ kèké lé, kì í ṣe ọmọ kọ̀ọ̀kan, nítorí tíṣà kan kò lè fi Yorùbá kọ́ ọmọ mẹ́wàá, kó fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́ mẹ́wàá tó jókòó tì wọ́n.

Báyìí la ó ṣe é. A ó gba orúkọ gbogbo ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ti ìjọba lọ́wọ́ àjọ SUBEB. A ó yọ àwọn tí ọ̀pọ̀ ọmọ ibẹ̀ kì í sọ Yorùbá nílé, bí àdúgbò tí àwọn Hausa tàbí Igbo pọ̀ sí, nítorí Yorùbá kì í ṣe èdè abínibí ní kíláàsì bẹ́ẹ̀. Nínú èyí tó kù, a ó mú 60, a ó sì tò wọ́n ní mẹ́ta-mẹ́ta bí wọ́n ṣe jọra: mẹ́ta ní ìgboro Òṣogbo tí wọ́n ní iye ọmọ tó súnmọ́ra, mẹ́ta ní àwọn abúlé ẹ̀bá Ìwó, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ títí a ó fi ní àkójọ 20. Nínú àkójọ kọ̀ọ̀kan, kèké ló máa sọ èyí tó wọ ẹgbẹ́ kìíní, ìkejì àti ìkẹta. Ojú àwọn ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ ni ká ti ṣẹ́ ẹ, kí ẹnikẹ́ni má bàa sọ pé a yan ẹni tó wù wá.

Kí ló dé tó fi jẹ́ 60? Ibí ni ìṣirò ti ń tú àbá tó dára ká. Àwọn ọmọ inú ilé-ẹ̀kọ́ kan jọ ara wọn: tíṣà kan ló kọ́ wọn, àdúgbò kan ni wọ́n ti wá. Bí o bá ti dán ọmọ mẹ́wàá wò níbẹ̀, ọmọ kọkànlá kò fi bẹ́ẹ̀ sọ nǹkan tuntun fún ọ. Àwọn onímọ̀ ìṣirò ní nọ́ńbà kan tó ń sọ bí àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ kan ṣe jọra tó, láti 0 tó túmọ̀ sí pé wọn ò jọra rárá, dé 1 tó túmọ̀ sí pé ọ̀kan náà ni gbogbo wọn. Ẹ jẹ́ ká fi í sí 0.2. Bí a bá dán ọmọ 12 wò ní ilé-ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan nínú 60, gbogbo wọn jẹ́ 720. Ìṣirò tí a ó ṣe ni èyí:

```
1 + (12 - 1) × 0.2 = 3.2
720 ÷ 3.2 = 225
```

Ọmọ 720 yẹn kò ju bí ẹni pé a rí 225 tí wọn kò mọ ara wọn rí. Wàyí o, ẹ jẹ́ ká ní aṣèwádìí kan fẹ́ dín owó mọ́tò kù, ó mú ilé-ẹ̀kọ́ 12 péré, ó dán ọmọ 60 wò nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Iye ọmọ ò yàtọ̀, 720 náà ni. Ṣùgbọ́n 1 + 59 × 0.2 jẹ́ 12.8, bí a bá fi pín 720, ó ku bíi 56. Bí a bá pín 56 sí ẹgbẹ́ mẹ́ta, ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan kò tó ọmọ 20. Pẹ̀lú iye yìí, ìyàtọ̀ tòótọ́ lè wà kí ìwádìí má rí i, aṣèwádìí náà á sì kọ ọ́ pé èdè kò ṣe nǹkan kan. Ilé-ẹ̀kọ́ púpọ̀ pẹ̀lú ọmọ díẹ̀ nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan ló máa ń gbe àbá.

A tún gbọ́dọ̀ ro ti àwọn tó máa lọ. Láàárín ọdún mẹ́ta, àwọn òbí a máa kó lọ sí Èkó tàbí Ìbàdàn, àwọn mìíràn á mú ọmọ lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ aládàáni. Bí a bá fẹ́ kí 12 kù ní òpin, ká bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 16, tí a ó yọ orúkọ wọn nínú rẹ́jísítà nípa kèké. Ewu tó wà níbẹ̀ kì í ṣe pé wọ́n lọ, bí kò ṣe pé kí wọ́n máa lọ láti ẹgbẹ́ kan ju òmíràn lọ. Bí àwọn òbí tó lówó lọ́wọ́ bá gbọ́ pé Yorùbá ni wọ́n fẹ́ fi kọ́ ọmọ, tí wọ́n sì kó ọmọ wọn jáde, àwọn ọmọ tálákà ló máa ṣẹ́kù sí ẹgbẹ́ kẹta, èsì á sì rẹlẹ̀ láìjẹ́ ẹ̀bi èdè. Nítorí náà, àbá wa máa sọ pé a ó gba nọ́ńbà fóònù òbí lọ́jọ́ àkọ́kọ́, a ó wá ọmọ tó bá kúrò lọ síbi tó bá wà, a ó sì kà á mọ́ ẹgbẹ́ tí kèké fi í sí.

Ìdánwò ìwé kíkà tó mọ Yorùbá

Ọmọ prímárì kìíní kò lè jókòó kọ ìdánwò lórí pépà. Ẹnu ni a ó fi dán an wò, ọmọ kan lẹ́ẹ̀kan, pẹ̀lú aago lórí fóònù. Á pe lẹ́tà, á ka àwọn ọ̀rọ̀ tí kò nítumọ̀ bíi "gbufẹ" àti "pẹyu" kí a lè mọ̀ pé ó ń so ìró pọ̀, pé kò kàn ń rántí ọ̀rọ̀ tó ti mọ̀. Lẹ́yìn náà ló máa ka ìtàn kékeré kan fún ìṣẹ́jú kan, yóò sì dáhùn ìbéèrè márùn-ún lórí rẹ̀. Bí ọmọ bá dé ọ̀rọ̀ 38 kí ìṣẹ́jú tó pé, tó ṣi 5 kà, 33 ni máàkì rẹ̀. Bí ó bá ka ìtàn ọ̀rọ̀ 50 tán ní ìṣẹ́jú-àáyá 48, tó ṣi 2, a ó pín 48 tó kà dáadáa pẹ̀lú àsìkò tó lò, a ó sì sọ ọ́ di 60 fún ìṣẹ́jú kan.

Irú ìdánwò yìí ti wà káàkiri Áfíríkà, ṣùgbọ́n ẹni tó bá kàn yí ti Gẹ̀ẹ́sì padà sí Yorùbá á kó sí wàhálà. Àkọ́kọ́, lẹ́tà 25 ni tiwa, "gb" sì jẹ́ ẹyọ kan láàárín wọn. Ọmọ tó bá pè é ní "g" àti "b" ti ṣì í. Èkejì ni àmì ohùn. Bí gbólóhùn bá ní "Bàbá gbé ọkọ́ wá láti oko," tí ọmọ sì ka "ọkọ̀" dípò "ọkọ́," ṣé ó gbà á àbí ó ṣì í? Àbá gbọ́dọ̀ ti sọ ọ́ tẹ́lẹ̀. Òfin tí mo máa fi lélẹ̀ ni pé ó ṣì í, nítorí ìtumọ̀ ti yí padà, ṣùgbọ́n kí a kọ àṣìṣe ohùn sí òpó tirẹ̀, kí a lè ka máàkì náà ní ọ̀nà méjì. Ẹ̀kẹta ni ẹ̀ka-èdè. Ọmọ Iléṣà tó rí "ilé" tó pè é ní "ulé" ti ka ọ̀rọ̀ náà. Ẹni tó fún un ní òdo ń dán ìpìlẹ̀ rẹ̀ wò, kì í ṣe ìwé kíkà rẹ̀. A ó ṣe àkọsílẹ̀ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ fún agbègbè kọ̀ọ̀kan kí ìdánwò tó bẹ̀rẹ̀.

Àṣìṣe kan tún wà tó máa ń bo ojú àwọn àgbà pàápàá. Wọ́n á ní ọmọ ka ọ̀rọ̀ 40 ní Yorùbá, ó ka 25 ní Gẹ̀ẹ́sì, nítorí náà ó mọ Yorùbá kà jù. Ọ̀rọ̀ Yorùbá kúrú. "Mo fẹ́ lọ sí ọjà" ti di ọ̀rọ̀ márùn-ún, ọmọ kò sì tíì mí. Ọ̀rọ̀ 40 nínú èdè kan kì í ṣe 40 nínú òmíràn. Yorùbá ẹgbẹ́ kan ni ká fi wé Yorùbá ẹgbẹ́ kejì, Gẹ̀ẹ́sì pẹ̀lú Gẹ̀ẹ́sì. Ká sì máa sọ iye ọmọ tí kò lè ka ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, nítorí bí àwọn ọmọ díẹ̀ tó já fáfá bá gbé ìpíndọ́gba sókè, wọ́n lè bo àwọn tó wà ní òdo mọ́lẹ̀.

A ó ṣe ìdánwò àkọ́kọ́ nígbà tí ọmọ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ prímárì kìíní, kí a lè mọ ibi tó ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn tó ń dánni wò kò gbọdọ̀ mọ ẹgbẹ́ tí ilé-ẹ̀kọ́ wà. Kí wọ́n tó jáde, ẹni méjì á gbọ́ ọmọ kan náà, wọ́n á fún un ní máàkì lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, a ó sì wò ó bóyá wọ́n fẹnu kò. Bí wọn ò bá fẹnu kò lórí ọ̀rọ̀ mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá, ìdánilẹ́kọ̀ọ́ wọn kò tíì tán.

Kí ni tíṣà ń sọ ní tòótọ́?

Ohun tó wà lórí pépà àti ohun tó ń ti ẹnu tíṣà jáde lè má jọra. Ẹni tó bá ti jókòó sí kíláàsì ìjọba ní abúlé mọ̀ pé tíṣà tó ń kọ́ Gẹ̀ẹ́sì á ka gbólóhùn kan, á wá yí i sí Yorùbá kí ọmọ lè gbọ́. Ní ti ẹgbẹ́ Yorùbá náà, tíṣà lè máa fi Gẹ̀ẹ́sì ka nọ́ńbà, kó sì máa fi bá ọmọ wí. Bí a kò bá wọ̀n ọ́n, a ó máa fi àdàlù wé àdàlù, a ó sì pe ọ̀kan ní Yorùbá, a ó pe èkejì ní Gẹ̀ẹ́sì.

Nítorí náà, ẹnì kan á jókòó sẹ́yìn kíláàsì fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Ní ìṣẹ́jú mẹ́ta-mẹ́ta, á sàmì sí èdè tí tíṣà ń sọ lásìkò náà. Àmì mẹ́wàá nìyẹn. Ẹ jẹ́ ká ní ní ilé-ẹ̀kọ́ kan nínú ẹgbẹ́ kejì, àmì mẹ́fà jẹ́ Yorùbá. Ní ilé-ẹ̀kọ́ kan nínú ẹgbẹ́ kẹta, mẹ́jọ jẹ́ Yorùbá. Ohun tí a pè ní ìyàtọ̀ èdè kò ju àmì méjì nínú mẹ́wàá lọ. Bí èsì ìdánwò àwọn méjèèjì bá wá dọ́gba, a kò lè sọ pé èdè kò ṣe nǹkan kan, nítorí a kò tíì dán èdè wò. Àbá tí kò bá ní ìwọ̀n yìí nínú kò ní lè túmọ̀ èsì tirẹ̀ fún ra rẹ̀.

Ìbẹ̀wò náà gbọ́dọ̀ dé ẹgbẹ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ní iye kan náà, títí kan ẹgbẹ́ tí kò gba nǹkan kan. Tíṣà tó mọ̀ pé àlejò ń bọ̀ a máa múra sí iṣẹ́. Bí àlejò bá ń lọ sọ́dọ̀ ẹgbẹ́ Yorùbá nìkan, ìmúra yẹn á wọ inú èsì gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ èdè.

Àsìkò àti àṣẹ

Ìwádìí ọlọ́dún kan ló wọ́pọ̀ nítorí ìwé ẹ̀rí mástà kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ní òpin prímárì kìíní, ọmọ tí a fi Yorùbá kọ́ kò tíì ka Gẹ̀ẹ́sì púpọ̀. Ó dájú pé á rẹ̀yìn nínú rẹ̀. Ohun tí àwọn tó fara mọ́ èdè abínibí ń sọ ni pé ọmọ tó ti mọ bí a ṣe ń so ìró pọ̀ ní èdè tó gbọ́ á gbé ọgbọ́n náà lọ sí Gẹ̀ẹ́sì bó bá yá. Ọdún kan kò lè fi èyí hàn, kò sì lè já a nírọ́. Nítorí náà la fi yan òpin ìkẹta, tí a ó tún lọ wo àwọn ọmọ náà lẹ́ẹ̀kan sí i ní òpin ìkẹrin. Akẹ́kọ̀ọ́ mástà tí kò ní ju ọdún kan lọ lè mú apá kan ṣe, bíi àmì mẹ́wàá inú kíláàsì yẹn ní ilé-ẹ̀kọ́ 30. Iṣẹ́ tó pé ni, kò sì ní láti ṣèlérí ohun tí kò lè ṣe.

Àṣẹ tún wà láti gbà. Nígbà tí ìlànà ìjọba àpapọ̀ ti padà sórí Gẹ̀ẹ́sì, kò sí ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ tó máa jẹ́ kí wọ́n fi Yorùbá kọ́ kíláàsì rẹ̀ fún ọdún mẹ́ta láìsí lẹ́tà. Lẹ́tà SUBEB ló gbọ́dọ̀ ṣáájú ohun gbogbo, kí ìgbìmọ̀ tó ń yẹ ìwádìí wò ní yunifásítì tẹ̀ lé e, kí àwọn òbí sì fọwọ́ sí i lẹ́yìn ìpàdé tí a fi Yorùbá ṣe. Àwọn òbí á béèrè pé, "Ṣé ọmọ mi ni ẹ fẹ́ fi dán an wò?" Ìdáhùn tó tọ́ ni pé bẹ́ẹ̀ ni, pé òbí tó bá kọ̀ kò ní jìyà, àti pé bí ìwádìí bá parí, àwọn ilé-ẹ̀kọ́ ẹgbẹ́ kìíní náà á gba ìwé àti ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tó bá ti fi hàn pé ó wúlò. Owó ìlérí yìí gbọ́dọ̀ wà nínú ètò ìnáwó láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ohun tó máa jẹ́ ká sọ pé rárá

Ojú ìwé kan wà tí ọ̀pọ̀ àbá kì í ní. Òun ni ibi tí aṣèwádìí ti ń kọ sílẹ̀, kí ọmọ kan tó la ẹnu, irú èsì tó máa jẹ́ kó gbà pé ohun tó rò kò rí bẹ́ẹ̀. Láìsí i, ẹni tó fẹ́ràn Yorùbá á wá ìwọ̀n kan láàárín ogún tó gbe èdè náà, á sì gbé e sí iwájú ìwé ìròyìn.

Tiwa máa kà báyìí. Ìwọ̀n méjì ni a ó fi ṣe ìdájọ́: òye Yorùbá àti òye Gẹ̀ẹ́sì ní òpin ìkẹta. Bí ẹgbẹ́ kẹta bá ju ìkejì lọ nínú méjèèjì, Yorùbá ti ṣiṣẹ́, ìjọba sì ní ìdí láti tún ìlànà 2025 wò. Bí wọ́n bá jù wọ́n nínú Yorùbá, tí Gẹ̀ẹ́sì sì dọ́gba, ọmọ ti rí èdè méjì kà láìpàdánù nǹkan, ó kù sọ́wọ́ àwọn òbí àti ìjọba láti sọ bóyá ìyẹn tó fún wọn. Bí wọ́n bá rẹ̀yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì, tí wọ́n ṣì rẹ̀yìn ní òpin ìkẹrin, Mínísítà ní ẹ̀rí lọ́wọ́ fún ìgbà àkọ́kọ́, a ó sì kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Bí ẹgbẹ́ kejì àti ìkẹta bá dọ́gba nínú ohun gbogbo, ṣùgbọ́n tí àwọn méjèèjì fi ẹgbẹ́ kìíní sílẹ̀ jìnnà, a jẹ́ pé ìwé àti tíṣà tó mọṣẹ́ ni àwọn ọmọ wa ń wá, a sì ti ń bá ara wa jà lórí èdè láti ìgbà yìí.